«Nobody no come»: ìyísódì mélòó ló wà níbẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìyísódì méjì máa ń pa ara wọn ni, pé tí mo bá ní «I didn't see nobody», mo ti sọ pé mo rí ẹnì kan nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́ ní Píjìn, «I no see nobody», kò sẹ́ni tó máa rò pé mo rí èèyàn. Yorùbá tiwa náà tún ní «kò lè má wá», tó jẹ́ pé dandan ni kó wá. Èwo ló bá ọgbọ́n mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ló sì fa ìyàtọ̀ yẹn?

Ìdáhùn: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ọgbọ́n mu. Ohun tó yàtọ̀ ni iye ìyísódì tó wà nínú ìtumọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, iye yẹn ò sì fi dandan jẹ́ iye ọ̀rọ̀ ìyísódì tí etí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ń ka ọ̀rọ̀, ó wá gbà pé ọ̀rọ̀ kan dúró fún ìyísódì kan. Nínú àwọn èdè kan, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nínú àwọn mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tí ọ̀rọ̀ ìyísódì kọ̀ọ̀kan bá gbé ìyísódì tirẹ̀ wá, tí méjì wá pa ara wọn, a ó pe ìyẹn ní ìyísódì oníméjì. Tí ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin bá jọ ń tọ́ka sí ìyísódì kan ṣoṣo, ìbámu ìyísódì nìyẹn. Ẹ wo aṣọ ẹbí: ogún èèyàn lè wọ aṣọ kan náà lọ sí òde, síbẹ̀ ayẹyẹ kan ni wọ́n wá ṣe. Aṣọ yẹn ń jẹ́ ká mọ olóde ni, kì í ṣe pé ẹni kọ̀ọ̀kan gbé òde tirẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Yorùbá, torí ibẹ̀ ni etí wa ti mú jù. Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: «ó lè má wá», «kò lè wá», «kò lè má wá». Ní èyí àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jókòó sílé, ó sì ṣeé ṣe kó wá. Ní ìkejì, wíwá rẹ̀ kò ṣeé ṣe. Ní ìkẹta, jíjókòó sílé ni kò ṣeé ṣe, nítorí náà ó di dandan kó wá. Tí a bá fi ◇ dúró fún «ó ṣeé ṣe», tí □ dúró fún «dandan ni», tí ¬ sì jẹ́ ìyísódì, bí wọ́n ṣe rí nìyí:

```
ó lè má wá       ◇¬wá
kò lè wá         ¬◇wá
kò lè má wá      ¬◇¬wá  =  □wá
```

Ẹ rí i pé «kò» wà lókè «lè», «má» sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kálukú ní ipò tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ìtumọ̀ yí padà pátápátá. Ohun tó fi hàn wá pé ìyísódì méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni «kò ní ṣàì wá» rí: «kò» yí i sódì lẹ́ẹ̀kan, «àì» tó wà nínú «ṣàì» tún yí i sódì lẹ́ẹ̀kejì, ó wá túmọ̀ sí pé yóò wá. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni «kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n», tó jẹ́ pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, «mi ò rí ẹnikẹ́ni» ńkọ́, «kò sí owó kankan» ńkọ́? Ṣé ìbámu kọ́ nìyẹn? Rárá o. «Ẹnikẹ́ni» àti «kankan» kò ní ìyísódì kankan nínú. À ń sọ pé «ẹnikẹ́ni lè wọlé», kò sì sí òdì níbẹ̀. À ń béèrè pé «ṣé ìṣòro kankan wà?», à ń sọ pé «bí ìṣòro kankan bá wà, ẹ pè mí». Òótọ́ ni pé «kankan» kò lè dúró nínú gbólóhùn ìsọ tí kò ní òdì. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé «owó kankan wà». Àmọ́ ìyísódì, ìbéèrè tàbí «bí» ló ń wá kiri, òun fúnra rẹ̀ kì í yí nǹkan sódì. Tí wọ́n bá bi yín pé «ta lẹ rí?», ẹ ò lè dáhùn pé «ẹnì kankan» kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ máa sọ ọ́ tán ni: «mi ò rí ẹnì kankan».

Ìdánwò ìdáhùn kúkúrú yìí ni kí ẹ di mú, torí òun ló ya Píjìn sọ́tọ̀ kúrò lára Yorùbá. Ní Píjìn, tí wọ́n bá béèrè pé «Who come?», ìdáhùn «Nobody» péye. Òdì ni olùgbọ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni «no» kò sí níbẹ̀. A jẹ́ pé «nobody» Píjìn kì í ṣe ẹgbẹ́ «ẹnikẹ́ni». Ìdí kan nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé inú Yorùbá ni Píjìn ti kó ìbámu ìyísódì: Yorùbá ò ní irú ọ̀rọ̀ tí a lè fi bá ìyísódì mu. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló ti ní in tẹ́lẹ̀. Nígbà ayé akéwì Chaucer, tó kú ní 1400, kì í ṣe nǹkan tuntun kí Gẹ̀ẹ́sì to ọ̀rọ̀ ìyísódì mẹ́rin jọ nítorí ìyísódì kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì ò sì fi í sílẹ̀ títí dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le nìyí. «Nobody» nìkan nínú ìdáhùn kúkúrú jẹ́ òdì. «I no come» nìkan jẹ́ òdì. Ẹ pa wọ́n pọ̀, «Nobody no come», òdì kan ṣoṣo ló ṣì jẹ́. Báwo ni ohun méjì tó ń dá yí gbólóhùn sódì ṣe wá pàdé tí wọn ò pa ara wọn?

Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti Hedde Zeijlstra, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Amsitadámù lọ́dún 2004. Ó ní ká ya ìyísódì gan-an, ìyẹn ¬ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìtumọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára àmì tó kàn ń sọ fún olùgbọ́ pé ìyísódì wà nítòsí. Èyí tó jẹ́ ìyísódì gan-an ní àbùdá onítumọ̀, tí a ń kọ báyìí: [iNeg]. Èyí tó jẹ́ àmì lásán ní àbùdá aláìnítumọ̀: [uNeg]. Ọ̀rọ̀ tó bá ní [uNeg] kò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ohun kan tó ní [iNeg] nínú awẹ́ gbólóhùn tirẹ̀. [iNeg] kan ṣoṣo sì lè bójú tó [uNeg] púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá sí [iNeg] tí etí lè gbọ́, gírámà gbà kí èyí tí kò ní ohùn wọlé síbẹ̀. Wọ́n ń pe ìyẹn ní Op¬. Òun ló wà nínú ìdáhùn kúkúrú náà: nígbà tí ẹ dáhùn pé «Nobody», Op¬ ló yí i sódì, «nobody» kàn jẹ́ ká mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá to «Nobody no come» láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. «Come» ló wà nísàlẹ̀. «No» wọlé lórí rẹ̀ pẹ̀lú [uNeg], ó ń wá ẹni tó máa bójú tó o. «Nobody» tó jẹ́ olùwà bọ́ sókè «no», òun náà sì ní [uNeg]. Ní báyìí, àmì méjì ló wà, kò sì tíì sí ìyísódì kan. Op¬ wá wọlé lókè pátápátá, ó bójú tó àwọn méjèèjì, iṣẹ́ parí. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, ∃x dúró fún «ẹnì kan tàbí ohun kan wà», ∧ sì dúró fún «àti»:

```
Op¬[iNeg]   nobody[uNeg]   no[uNeg]   come
¬∃x [èèyàn(x) ∧ wá(x)]
```

Kí ló wá jẹ́ kó dá wa lójú pé [uNeg] ni «no» Píjìn, pé kì í ṣe [iNeg]? Ipò olùwà ló sọ ọ́. Ká ní [iNeg] ni «no» ni, kò ní lè bójú tó «nobody», torí òkè ni «nobody» wà, ìsàlẹ̀ sì ni «no» wà. Op¬ yóò wá di dandan fún «nobody» nìkan, ìyísódì yóò di méjì, gbólóhùn náà yóò sì túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí kò wá. Etí onípíjìn kì í gbọ́ ìyẹn nínú rẹ̀.

Èdè kan wà tí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi «ká ní» sọ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Sípáníìṣì ni, tó jẹ́ èdè àwọn ará Kúbà, títí kan àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Tí olùwà bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé «No vino nadie», ọ̀rọ̀ ìyísódì méjì, òdì kan: kò sẹ́ni tó wá. Tó bá ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, «Nadie vino» ni, «no» kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi agídí sọ pé «Nadie no vino», tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé gbogbo èèyàn ló wá. «Nadie» ní [uNeg] bíi «nobody» Píjìn, àmọ́ «no» Sípáníìṣì ní [iNeg]. Ìyàtọ̀ àbùdá kan lára ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fa gbogbo rẹ̀. Pọtogí àwọn ará Bùràsíìlì náà ń tọ ọ̀nà yìí: «Não veio ninguém», àmọ́ «Ninguém veio».

Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n yín ń kọ́ni ló kù. Nínú ìyẹn, «nobody» kì í ṣe àmì, ¬ wà nínú rẹ̀ gan-an, «not» náà sì ní tirẹ̀. «Nobody didn't come» yóò wá di ¬∃x¬wá(x), ìyẹn ni pé gbogbo wọn wá. Yorùbá náà ò ní [uNeg] rárá. «Kò», «má» àti «àì» jẹ́ ¬ lásán. Mo gbà pé bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè ló fà á. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyísódì méjì níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ẹyọ kan á tètè fura pé àmì lásán ni ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán. Ọmọ tó bá ń gbọ́ Yorùbá nìkan kò ní bá irú rẹ̀ pàdé, torí náà kò sí ohun tó máa mú un dá àbùdá tuntun sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Níbo ni àlàyé yìí ti ń gún mi lára? Níbi tí onípíjìn ti ń sọ pé «Nothing do you», tàbí «Nobody know tomorrow», láìsí «no». Òdì ni méjèèjì, ojoojúmọ́ la sì ń gbọ́ wọn. Gírámà tí mo tò sókè kò kọ̀ wọ́n, torí Op¬ lè wọlé nítorí «nobody» nìkan. Ohun tí kò ṣàlàyé ni ìdí tí «no» fi di dandan nínú àwọn èdè mìíràn tí àtòpọ̀ wọn rí bíi ti Píjìn, irú bíi Ṣẹ́ẹ̀kì, tí ọ̀rọ̀ ìṣe gbọ́dọ̀ gbé àmì ìyísódì níbikíbi tí olùwà bá wà. Àwọn kan á sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ló ń wọ inú Píjìn wa tí «no» fi ń já. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìyẹn kò yí ohun tó ṣe pàtàkì padà: bẹ́ ẹ fi «no» sí i, bẹ́ ẹ yọ ọ́, òdì kan náà ni. Ní Sípáníìṣì, tẹ́ ẹ bá fi «no» sí «Nadie vino», ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹnu ba «nínú awẹ́ gbólóhùn tirẹ̀» lókè, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Ẹ gbọ́ gbólóhùn Píjìn yìí: «Nobody dey wey no know am». Níbi yìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n! Ọ̀rọ̀ ìyísódì méjì náà ló wà níbẹ̀, kí ló wá dé tí wọ́n fi pa ara wọn? «Wey» ló dá awẹ́ gbólóhùn tuntun sílẹ̀. Op¬ tó wà lókè kò lè nawọ́ kọjá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ «no», torí náà awẹ́ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní Op¬ tirẹ̀, a sì padà sí «kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n». Èyí ló mú kí n máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí èdè tí a lè lẹ orúkọ kan mọ́ lórí kó tán. Píjìn ní ìbámu nínú awẹ́ gbólóhùn kan, ó sì ní ìyísódì oníméjì láàárín awẹ́ gbólóhùn méjì.

Gẹ̀ẹ́sì àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tí onímọ̀ èdè William Labov ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní Hálẹ́mù, ní Niú Yọ́ọ̀kì, ló tẹ gbólóhùn kan jáde lọ́dún 1972 tí àwọn onímọ̀ èdè ò tíì gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ilé ẹyẹlé ni wọ́n ń sọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ní «It ain't no cat can't get in no coop». Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kò sí ológbò kankan tó lè wọ ilé ẹyẹlé kankan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìyísódì ibẹ̀: «ain't», «no», «can't», «no», mẹ́rin. Ká ní wọ́n ń pa ara wọn ní méjì méjì ni, ohun tí ì bá kù ni pé ológbò ń wọlé, tó jẹ́ òdìkejì gan-an ohun tó sọ. Èyí tó ya Labov lẹ́nu jù ni «can't», torí inú awẹ́ gbólóhùn kejì ló wà, bẹ́ẹ̀ àmì lásán ló ṣì jẹ́. Ìbámu nawọ́ kọjá ẹnu ààlà awẹ́ gbólóhùn níbẹ̀, níbi tí «wey» ti dí ọ̀nà mọ́ ọn ní Píjìn. Ó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan bíi «that» láàárín «cat» àti «can't» nínú gbólóhùn rẹ̀. Lójú tèmi, ààlà tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu yẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti ré kọjá.

Tí ẹ bá fẹ́ dán ẹ̀ka-èdè kan wò fúnra yín, ẹ ṣọ́ra fún iye tí kò ṣeé pín sí méjì. «Nobody no tell me nothing» ní ọ̀rọ̀ ìyísódì mẹ́ta. Nípa ìbámu, ìyísódì kan ni. Ká wá tilẹ̀ ṣe é bíi ti Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé, kí kálukú gbé ¬ tirẹ̀ wá:

```
ìbámu:        ¬∃x ∃y [sọ(x, y, mi)]
oníméjì:      ¬∃x ¬¬∃y [sọ(x, y, mi)]  =  ¬∃x ∃y [sọ(x, y, mi)]
```

Méjì nínú mẹ́ta ti pa ara wọn, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, ìtumọ̀ wá bára mu láìjẹ́ pé gírámà bára mu. Ẹni tó bá fi gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta ṣe ẹ̀rí kò tíì fi nǹkan kan hàn. Méjì ni kí ẹ lò, tàbí mẹ́rin.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìtẹnumọ́. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì oníbàámu gan-an lè tẹ «nobody» mọ́lẹ̀ láti fi ta ko ohun tí ẹlòmíràn sọ: ẹ ní kò sẹ́ni tí mo rí, mo ní «I didn't see NOBODY», mo rí bàbá yín. Ìyẹn máa ń mú ìyísódì méjì jáde kódà níbi tí ìbámu ti jẹ́ ìṣe ojoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé «kí ni gbólóhùn yìí túmọ̀ sí?» lásán. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ìtàn kékeré kan: a ṣe ìpàdé ní Sátidé, àga ṣófo, kí lẹ máa sọ? Kí ẹ wá yí ìtàn náà padà: gbogbo àga kún. Gbólóhùn tó bá gbà láti bá ìtàn àkọ́kọ́ lọ láìsí ìtẹnumọ́, tó sì kọ èkejì, ìbámu ló wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé òfin tó ń kọ́ni kì í ṣe irọ́, àmọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Róbáàtì Láòtì, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ọ́ sínú ìwé gírámà rẹ̀ láàárín ọdún 1760 sí 1770 pé òdì méjì ń pa ara wọn, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ nínú lílo ìbámu tán nínú ìwé kíkọ. Ó yẹ kí ọmọ ìwé mọ òfin yẹn kó lè kọ «I didn't see anybody» nínú ìdánwò. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ká sọ fún ọmọ náà pé òun ò ronú dáadáa nígbà tó ń sọ Píjìn. Tó bá ṣe é ṣe, kí ẹ̀gbọ́n yín kọ «Nobody dey wey no know am» sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ «Nobody no know am», kó wá bi àwọn ọmọ léèrè ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n á dáhùn kó tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.